Mo ní 20,000 dọ́là láti san ní oṣù mẹ́ta sí i: báwo ni mo ṣe lè de iye rẹ̀ mọ́lẹ̀ lónìí?

Abẹ́rẹ́Àtòwú (Adó-Èkìtì)

Ẹ̀yin ará Èkìtì Kete, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo ń kó wọlé láti Ṣáínà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjìgbò. Igba orí ẹ̀rọ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, 140 dọ́là ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti san 8,000 dọ́là sílẹ̀, ó ku 20,000 tí màá san ní oṣù mẹ́ta sí i. Dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà ní báǹkì mi lónìí. Àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ aránṣọ ti san àsansílẹ̀ lórí ọgọ́rin nínú ẹ̀rọ náà, mo sì ti sọ iye tí màá tà á fún wọn. Bí dọ́là bá fi 100 náírà lé sí i, ẹ̀rọ kan á fi 10,000 wọ́n mi lọ́wọ́ sí i. Ẹnì kan ní báǹkì ní kí n béèrè fọ́wọ́ọ̀dù. Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é, wàhálà wo ló sì wà níbẹ̀?

ỌmọÒkèṣà

Àǹtí, kò le rárá. Àdéhùn ni láàárín ìwọ àti báǹkì pé ní ọjọ́ báyìí, wọ́n á tà ọ́ ní dọ́là ní iye báyìí, ohun yòówù kí ọjà wí lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀gá báǹkì á jókòó, wọ́n á wo ibi tí dọ́là máa dé lóṣù mẹ́ta, iye yẹn ni wọ́n á kọ fún ọ. Tí wọ́n bá pe 1,590, a jẹ́ pé wọ́n ti mọ̀ pé 1,590 ló máa dé. Tí ìwọ bá gbà pé kò ní ga tó bẹ́ẹ̀, má ṣe é.

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

ỌmọÒkèṣà, apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Àdéhùn ni, ó sì de ẹni méjèèjì. Ṣùgbọ́n báǹkì kì í sọ àsọtẹ́lẹ̀ kó tó pe iye. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jókòó nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta owó ilẹ̀ òkèèrè ní Èkó kí n tó padà wálé, a ò sì bi ara wa rí pé níbo ni dọ́là ń lọ kí a tó dá oníbàárà lóhùn. Èlé la máa ń kà.

Ẹ jẹ́ ká fi 20,000 dọ́là Abẹ́rẹ́ ṣe é. Báǹkì ti ṣèlérí pé òun á kó o lé e lọ́wọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Bí báǹkì bá kàn káwọ́ gbera títí ọjọ́ á fi pé, tí dọ́là sì fò sókè, òun ló máa jẹ ìyàtọ̀ náà. Nítorí náà, òní gan-an ló máa ra dọ́là, á sì gbé e síbi tó ti ń mú èlé wá. Ká sọ pé èlé orí dọ́là jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ìyẹn ìdá 1 ní oṣù mẹ́ta. Kò nílò 20,000 pé báyìí. Bó bá ra 19,802, èlé á sọ ọ́ di 20,000 kí ọjọ́ tó pé. Dọ́là 19,802 ní 1,500 náírà jẹ́ nǹkan bíi 29,703,000 náírà.

Náírà yẹn ńkọ́? Owó àwọn tó fi owó sí báǹkì ni, báǹkì sì ń san èlé lórí rẹ̀. Ká sọ pé ìdá 24 lọ́dún ni, ìyẹn 6 ní oṣù mẹ́ta. Fi ìdá 6 kún 29,703,000, ó di nǹkan bíi 31,485,000. Pín in sí ọ̀nà 20,000, ó jẹ́ 1,574 náírà fún dọ́là kan. Lẹ́yìn èyí ni báǹkì á tó fi èrè tirẹ̀ lé e. Bó bá fi 16 náírà lé e, 1,590 ló máa pè fún ọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tó máa tẹ̀ nìyí:

```
1500 × (1 + 0.24 × 90/360) ÷ (1 + 0.04 × 90/360) = 1574.26
```

Nítorí náà, 74 náírà tó wà láàárín 1,500 àti 1,574 kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ibi tí dọ́là ń lọ. Ìyàtọ̀ láàárín èlé náírà àti èlé dọ́là ni. Ní oṣù keje 2023, èlé tí Báǹkì Àpapọ̀ fi ń darí owó jẹ́ 18.75. Nígbà tó fi di oṣù kọkànlá 2024, ó ti di 27.50. Ì bá ṣe pé kò sẹ́ni tó yí èrò rẹ̀ padà nípa dọ́là rárá láàárín àkókò yẹn, fọ́wọ́ọ̀dù ì bá ṣì wọ́n sí i, nítorí pé èlé náírà ti gòkè.

Àǹfààní tó wà nínú mímọ èyí ni pé, bí báǹkì bá pe iye fún ọ, wàá lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ, kí o sì rí èyí tó jẹ́ èlé àti èyí tó jẹ́ èrè wọn. Èlé kò ṣeé dúnàádúrà lé lórí. Èrè wọn ṣeé dúnàádúrà lé lórí.

Abẹ́rẹ́Àtòwú

Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ó ti ń yé mi. Ṣé màá kó 31,800,000 náírà sílẹ̀ lónìí ni? Nítorí mi ò ní i. Lára ẹ̀rọ tí mò ń tà lọ́wọ́ ni màá ti kó owó náà jọ títí di ìgbà yẹn. Àti pé, tí dọ́là bá wá já wálẹ̀ ńkọ́?

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

Rárá, o ò ní san odidi owó náà lónìí. Ọjọ́ tí àdéhùn bá pé ni wàá kó náírà wá, tí báǹkì á sì fi dọ́là ránṣẹ́ sí Ṣáínà. Ṣùgbọ́n báǹkì ní láti mọ̀ pé o ò ní sá lọ. Bó bá ti fún ọ láyè láti jẹ ẹ́ ní gbèsè títí dé iye kan, ìyẹn lè tó. Bí kò bá tíì fún ọ, á ní kí o fi owó ìdúró sílẹ̀. Báǹkì kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá 15, ìyẹn 4,770,000 náírà nìyẹn. Tìrẹ ṣì ni, lára owó tí wàá san ni wọ́n á kà á mọ́, àmọ́ o ò ní lè fi ra ọjà títí ọjọ́ á fi pé. Bi wọ́n bóyá wọ́n á san èlé lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè.

Ní ti ìbéèrè kejì, ká sọ pé ọjọ́ pé, dọ́là ti di 1,750 lọ́jà. Láìsí àdéhùn, 35,000,000 ni wàá san. Pẹ̀lú àdéhùn, 31,800,000. O yọ nínú 3,200,000. Ká sì sọ pé dọ́là já sí 1,480. Láìsí àdéhùn, 29,600,000 ni. Pẹ̀lú àdéhùn, 31,800,000 náà ni, kò lè dín. Aládùúgbò rẹ tí kò ṣe àdéhùn á máa ta ẹ̀rọ ní ẹ̀dínwó, inú rẹ kò sì ní dùn sí i.

Mo ti rí oníbàárà tó bínú jáde ní ọ́fíìsì wa nítorí èyí, bíi pé a rẹ́ ẹ jẹ. Kí o tó fọwọ́ sí ìwé, gbé 1,590 lé orí ẹ̀rọ rẹ. Dọ́là 100 ló kù lórí ẹ̀rọ kan, 159,000 náírà nìyẹn. Fi ohun tí o ti san tẹ́lẹ̀ kún un, fi owó ọkọ̀, owó kọ́sítọ́ọ̀mù àti owó ìkẹ́rù láti Àpápá dé Adó kún un. Bí iye tí o sọ fún àwọn aránṣọ bá ṣì mú èrè wá ní 159,000 yẹn, àdéhùn náà ti ṣe ohun tí o fẹ́ kó ṣe. Bí kò bá mú èrè wá, iye tí o sọ fún wọn ló ní àléébù láti ìbẹ̀rẹ̀, fọ́wọ́ọ̀dù ò lè tún un ṣe.

BàbáÌbejìÌfàkì

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí. Ọmọ mi ń lọ kàwé ní Kánádà ní oṣù kẹsàn-án. Mo ti ra 3,000 dọ́là lọ́wọ́ àwọn abókí, mo kó o sínú àkáǹtì dọ́là mi. Ṣé fọ́wọ́ọ̀dù náà ni mo ṣe yẹn? Mo sì tún fẹ́ mọ̀ bóyá báǹkì lè de èyí tó kù fún mi.

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire ọmọ. Ohun tí ẹ ṣe kì í ṣe fọ́wọ́ọ̀dù. Ẹ ti ra dọ́là, ẹ ti san gbogbo náírà rẹ̀, ó wà lọ́wọ́ yín. Ibi tí ẹ̀yin àti Abẹ́rẹ́ ń lọ jọra, ọ̀nà yín ló yàtọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́, Fọ́ọ̀mù A ni wọ́n fi ń ṣe é ní báǹkì. Ọjà tó ń wọlé, Fọ́ọ̀mù M. Báǹkì kì í sábà fẹ́ kọ fọ́wọ́ọ̀dù fún owó kékeré bíi ti ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ kan, nítorí pé iṣẹ́ tó wà nínú ìwé náà ò dín kù bí owó ṣe dín kù.

Àmọ́ ọ̀nà yín yìí jẹ́ kí n fi nǹkan kan han Abẹ́rẹ́. Ká ní ó ní 30,000,000 náírà lọ́wọ́ lónìí, kó ra 20,000 dọ́là, kó gbé e sínú àkáǹtì tí kò mú èlé wá. 30,000,000 yẹn ì bá ti mú 1,800,000 wá ní oṣù mẹ́ta ká ní ó fi sí ibi ìdá 24. Èlé tó pàdánù yẹn wà lára iye tí dọ́là ná an. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 31,800,000. Ẹ wo fọ́wọ́ọ̀dù ní 1,590: 31,800,000. Ẹni tó ra lónìí tó tọ́jú rẹ̀ san owó kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí i níbi tó ti jáde.

KòkóÌkẹ́rẹ́

Ẹ kú àlàyé, sà. Èmi ń ta kòkó sókè òkun ni. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ mi máa ń san dọ́là lẹ́yìn oṣù méjì. Gbogbo ìgbà tí náírà bá lágbára ni mo máa ń pàdánù. Ṣé èmi náà lè ṣe é, àbí àwọn tó ń kó ọjà wọlé nìkan ló wà fún?

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

O lè ṣe é, tìrẹ tilẹ̀ dùn ju ti Abẹ́rẹ́ lọ. Ìwọ lo máa ta dọ́là oṣù méjì fún báǹkì. Èlé tó ń mú fọ́wọ́ọ̀dù wọ́n fún un ni yóò mú iye tìrẹ ga ju ti òní lọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, bí òní bá jẹ́ 1,500, ti oṣù méjì á wà ní bíi 1,550 kí báǹkì tó yọ èrè tirẹ̀ kúrò. Ìṣòro tìrẹ wà níbòmíràn. Bí kòkó rẹ kò bá gbẹ tó, tí ẹni tó fẹ́ rà á sì dá a padà, o ṣì jẹ báǹkì ní dọ́là yẹn lọ́jọ́ tí ẹ dá. Má ta gbogbo dọ́là tí o ń retí. Ta èyí tó dá ọ lójú.

Ọlọ́jàIrin (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Mo ti ń ka ìjíròrò yìí láti àárọ̀. Mi ò bá Àgbà jà, ìṣirò wọn tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí Abẹ́rẹ́ má baà rò pé ìwé nìkan ti tó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, mo ra irin àti páànù. Mo ṣe fọ́wọ́ọ̀dù oṣù mẹ́ta ní báǹkì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ìgbà yẹn, dọ́là lọ́dọ̀ ìjọba ò tíì kọjá 470. Mo kó náírà sílẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ. Wọ́n gbà á. Dọ́là ò jáde. Wọ́n ní Báǹkì Àpapọ̀ tó yẹ kó fún àwọn ni kò tíì fún wọn. Ọjọ́ 14 oṣù kẹfà dé, wọ́n tú náírà sílẹ̀, kí oṣù náà tó parí, dọ́là ti kọjá 700. Ìwé mi ṣì wà nílẹ̀, iye mi ṣì dára gan-an lórí ìwé. Ará Ṣáínà tó ń retí owó rẹ̀ kò mọ ìwé yẹn. Ó gba owó ìjìyà lọ́wọ́ mi, kò sì tún fún mi lọ́jà ní àwìn mọ́.

Èmi nìkan kọ́. Gbèsè irú èyí tó wà lọ́rùn Báǹkì Àpapọ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù 7 dọ́là ni wọ́n pè é nígbà tí Ọláyẹmí Kádósò di gómìnà rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní bílíọ̀nù 2.4 nínú rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹta 2024 ni wọ́n kéde pé wọ́n ti san gbogbo èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ tán. Ìgbà yẹn, ọjà mi ti tutù.

Nítorí náà, ìbéèrè mi fún Abẹ́rẹ́ ni pé: níbo ni báǹkì rẹ á ti rí dọ́là yẹn?

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

Ọlọ́jàIrin, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn, ìṣirò ò sì lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rẹ̀. Iye tí a dè mọ́lẹ̀ kò wúlò ju agbára ẹni tó ṣèlérí rẹ̀ lọ. Bí báǹkì bá ní àwọn oníbàárà tó ń ta kòkó, kaṣú tàbí gáàsì, tí dọ́là ń wọlé sí i láti ọwọ́ wọn, ó sàn ju èyí tó ń retí Báǹkì Àpapọ̀. Abẹ́rẹ́, béèrè lọ́wọ́ wọn tààrà: dọ́là tiyín ni àbí ti Báǹkì Àpapọ̀ ni ẹ ń dúró dè? Bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ yí ọ lórí, o ti gbọ́ ìdáhùn.

Kí n fi ọ̀kan kún un. Oríṣi méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, báǹkì á kó dọ́là náà gan-an fún ọ. Nínú èkejì, kò sí dọ́là tó máa dé ọwọ́ rẹ. Ìyàtọ̀ iye nìkan ni wọ́n á san, ní náírà, ìwọ á sì lọ wá dọ́là rẹ fúnra rẹ. Irú èyí ni Báǹkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní oṣù kẹfà 2016. Bí o bá de 1,590, tí iye tí wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n lọ́jọ́ náà jẹ́ 1,750, wọ́n á san 160 náírà lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan, 3,200,000 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 1,765 ni báǹkì ta dọ́là fún ọ lọ́jọ́ yẹn, 15 náírà tó lé yẹn kò sí nínú àdéhùn. 300,000 náírà jáde lápò rẹ. Wo ìwé rẹ dáadáa, kí o mọ èyí tí wọ́n ń tà fún ọ.

Ó wá ku ohun tó yẹ kí n ti béèrè láti àárọ̀. Abẹ́rẹ́, oṣù mẹ́ta láti ìgbà wo?

Abẹ́rẹ́Àtòwú

Mo rò pé láti ọjọ́ tí mo san àsansílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ wo ìwé.

...

Bàbá, mo ti wò ó. Wọ́n kọ ọ́ pé ọjọ́ 90 lẹ́yìn ọjọ́ tó wà lórí ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun. Ọkọ̀ ò sì tíì gbéra! Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àmọ́ ìgbà tó kọjá wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́.

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ gan-an nìyẹn. Bí o bá de ọjọ́ 90 láti òní, tí ọkọ̀ sì pẹ́, àdéhùn rẹ á pé kí gbèsè rẹ tó pé. O lè ní kò burú, màá tètè san ni. Ó ṣeé ṣe, bí ìwé ẹrù bá ti dé báǹkì tó sì bá Fọ́ọ̀mù M rẹ mu. Bí ìwé kò bá tíì dé, báǹkì kò ní fi dọ́là ránṣẹ́, kò sì ní jẹ́ kí o gbé e pamọ́ sínú àkáǹtì rẹ, nítorí pé ọjà yẹn ni wọ́n tà á fún.

Ohun tí wọ́n á ṣe ni pé wọ́n á pa àdéhùn àkọ́kọ́ dé, wọ́n á ṣí òmíràn. Ká sọ pé ọjọ́ pé, o nílò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, dọ́là sì ti já sí 1,480. Báǹkì á ra 20,000 náà padà lọ́wọ́ rẹ ní 1,475. O ti ṣèlérí 1,590. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 115 náírà, 2,300,000 lápapọ̀, ojú ẹsẹ̀ sì ni wàá san án. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pe iye ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ọ, ká sọ 1,505. Kó 115 lé 1,505, dọ́là kan ti di 1,620 fún ọ. 32,400,000 nìyẹn, ó fi 600,000 ju ohun tí o dè lọ. 600,000 yẹn gan-an kọ́ ló máa ń pa oníṣòwò kékeré. 2,300,000 tí wọ́n ní kó mú wá lọ́jọ́ tí kò múra sílẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹra fún un ni kí o ní kí wọ́n fún ọ ní àkókò dípò ọjọ́ kan ṣoṣo. Fún àpẹẹrẹ, kí o lè gba dọ́là rẹ ní ọjọ́ èyíkéyìí láàárín ọjọ́ 90 sí 120. Báǹkì kò mọ ọjọ́ tí wàá yàn, nítorí náà iye èyí tó wọ́n jù ni yóò pè, ìyẹn ti ọjọ́ 120. Ní èlé tí a fi ṣe àpẹẹrẹ, ó máa tó 1,599, èrè wọn á sọ ọ́ di 1,615. O ti fi 25 náírà ju 1,590 lọ lórí dọ́là kan, 500,000 lápapọ̀. Owó ni, mi ò ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́ rí, èmi á san án.

Tàbí kí o dúró. Jẹ́ kí ọkọ̀ gbéra, kí ìwé ẹrù jáde, kí o wá de ọjọ́ 90 gan-an. O kò ní san owó àkókò. Ọ̀sẹ̀ tí o fi dúró yẹn, kò sí ohun tó bò ọ́.

ỌmọÒkèṣà

Àgbà, ẹ ṣé, mo gbà pé mo ṣì í sọ nípa àsọtẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ṣì ní èrò kan. Kí ló dé tí kò fi ní de ìdajì? Kó de 10,000 báyìí, kó dúró de 10,000 tó kù. Bí dọ́là bá ga, ìdajì ti bọ́. Bó bá já, ìdajì á jẹ nínú ẹ̀dínwó náà.

Ọlọ́jàIrin (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Ìdajì kọ́ ló yẹ kó fi wọ̀n ọ́n. Ọgọ́rin ẹ̀rọ ni wọ́n ti san àsansílẹ̀ lé lórí, iye wọn kò lè yí padà mọ́. Dọ́là 100 ló kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 8,000 dọ́là nìyẹn. Èyí gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àdéhùn, kò sí àríyànjiyàn. Ọgọ́fà tó kù, kò tíì sọ iye wọn fún ẹnikẹ́ni. Bí dọ́là bá ga, gbogbo ọjà ló máa ga, òun náà á fi owó lé e. Èmi ò ní de ti ọgọ́fà yẹn.

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

Mo fẹ́ràn bí ẹ ṣe pín in, ó mọ́gbọ́n wá ju ìdajì lọ. Ibi tí mi ò ti bá yín lọ ni pé ẹ gbà pé á lè fi owó lé e. Nígbà tí dọ́là ga ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ọ̀pọ̀ oníbàárà kò ra ọjà mọ́ rárá. Aránṣọ ní Ajílọ́ṣun tó ń fi ẹ̀rọ àtijọ́ ṣiṣẹ́ lè fi ṣe é fún ọdún kan sí i. Abẹ́rẹ́ ló mọ àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ọlọ́jàIrin (Ìkọ̀lé-Èkìtì)

Irin ò jọ ẹ̀rọ. Ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ á ra páànù náà dandan kí òjò tó dé. Mo gbà pé ti aránṣọ lè yàtọ̀. Ṣùgbọ́n 25 náírà lórí 20,000 dọ́là, pẹ̀lú owó ìdúró tí kò lè fi ra ọjà, ó pọ̀ fún ṣọ́ọ̀bù kan.

Abẹ́rẹ́Àtòwú

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti lọ sí báǹkì. Ẹ̀ka tó wà ní Fájuyì kò lè dá pe iye, Èkó ni wọ́n pè, ó gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì. Dọ́là ṣì wà ní 1,500 lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi lóhùn. Wọ́n ní fún ọjọ́ 90 sí 120, 1,628 ni. Mo ṣe ìṣirò Bàbá níwájú wọn, mo ní èlé gbé e dé bíi 1,599, kí ni 29 náírà tó lé jẹ́? Arábìnrin náà wo ìwé mi, ó pe Èkó padà. Wọ́n já a sí 1,618. Wọ́n ń béèrè ìdá 20 owó ìdúró, kò sì sí èlé lórí rẹ̀. Mo béèrè ibi tí dọ́là ti ń wá. Ó ní lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn tó ń ta ọjà sókè òkun ni, pé àwọn á kó dọ́là náà gan-an, kì í ṣe ìyàtọ̀ lásán. Mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó ní òun á béèrè.

Ní ti iye dọ́là tí màá dè, mo pe àwọn oníbàárà mi kan. Márùn-ún nínú wọn ní bí ẹ̀rọ bá fi ju 20,000 náírà wọ́n sí i, àwọn á dúró. Nítorí náà mo ń rò ó pé kí n de 14,000: 8,000 ti àwọn tó ti san àsansílẹ̀, àti ti ọgọ́ta ẹ̀rọ sí i. Owó ìdúró rẹ̀ á jẹ́ 4,530,400, mo sì lè rí i láìta ọjà ní àdánù. 6,000 tó kù, màá rà á lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ san án.

KòkóÌkẹ́rẹ́

Àǹtí Abẹ́rẹ́, àbí kí èmi àti ẹ kàn ṣe é láàárín ara wa? Mo ní dọ́là tó ń bọ̀, ẹ̀yin ń wá dọ́là. A ò ní fún báǹkì ní nǹkan kan.

ÀgbàTírẹ́ṣúrì (Ìyìn-Èkìtì)

KòkóÌkẹ́rẹ́, má ṣe é. Ọjà tó wọlé lórí Fọ́ọ̀mù M, báǹkì tó fọwọ́ sí i ló gbọ́dọ̀ san án, ọ̀dọ̀ báǹkì tìrẹ náà sì ni owó kòkó rẹ gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Bí ọ̀kan nínú yín kò bá sì lè mú àdéhùn ṣẹ lọ́jọ́ náà, ta ni èkejì á mú? Àmọ́ bí ẹ̀yin méjèèjì bá wà ní báǹkì kan náà, ẹ lè ní kí wọ́n wo àdéhùn yín pọ̀. Báǹkì tó bá rí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà lọ́jọ́ kan náà kò ní wá dọ́là kiri, ó sì lè dín èrè rẹ̀ kù. Mi ò ṣèlérí pé wọ́n á gbà fún iye tó kéré báyìí.

Abẹ́rẹ́, bí wọ́n bá kọ ibi tí dọ́là ti ń wá sínú ìwé, gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an, kí ọjọ́ tí wàá fọwọ́ sí i tó pé. Mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n ní àwọn á ṣe bí dọ́là kò bá dé.

Abẹ́rẹ́Àtòwú

Màá gbé e síbí, Bàbá. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n pè mí padà. Ọkọ̀ náà ò sì tíì gbéra o.